Aṣọ Òjò Kì í Ṣe Aṣọ Ojo

Inú oṣù Kẹta la máa ń ya fọ́tò aṣọ òjò. Ẹni tí kò sí nínú iṣẹ́ yìí á rò pé àwàdà ni mò ń ṣe, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ló rí. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ dáadáa n'Ìbàdàn, ìwé àfihàn aṣọ gbọ́dọ̀ ti jáde, àwọn oníbàárà gbọ́dọ̀ ti máa béèrè, tẹ́lọ̀ náà sì gbọ́dọ̀ ti máa gé aṣọ. Nítorí náà, inú oòrùn tó ń ta bí ata la ti ń ya òjò. Ọmọge tó wọ aṣọ á gbé agbòjò dání, òógùn á máa ṣàn ní ìpàkọ́ rẹ̀. Àbúrò mi á dúró sórí àga, á máa fi páìpù fọ́n omi sókè. Ẹni tó ń ya fọ́tò á máa pariwo pé kó má fọ́n ọn sí kámẹ́rà òun.

Ilé aṣọ wa ò tóbi. Àbúrò mi ló ń ya pátánì, òun náà ló ń gé. Bọ̀ọ̀dá méjì ló ń rán. Èmi ni mò ń lọ ra aṣọ ní Gbàgí, èmi ni mò ń ṣírò owó, èmi náà ni mò ń kọ ọ̀rọ̀ tó ń wà lábẹ́ fọ́tò. Iṣẹ́ ìkẹyìn yìí ni mo kà sí èyí tó rọrùn jù. Kí ló wà níbẹ̀? Èèyàn á jókòó, á wo fọ́tò, á kọ ohun tó bá wá sí i lọ́kàn.

Ọdún tí a kọ́kọ́ ṣe aṣọ òjò, bí akéwì ni mo ṣe kọ ọ́. Aṣọ méjìlá ló wà níbẹ̀, òwe tàbí àpárá òjò kan sì wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo lo òjò tí kò mọ ẹni ọ̀wọ̀, mo lo èyí tó rọ̀ sí ewúro tó tún rọ̀ sí ìrèké. Nígbà tó di aṣọ kẹsàn-án, òwe òjò tán lẹ́nu mi, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í hun tèmi. Gáùn kan wà níbẹ̀, òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ògì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sẹ́. Ohun tí mo kọ sábẹ́ rẹ̀ nìyí: «Eji ń rọ̀, ara ń tutù, ẹwà ń jáde.»

Ẹwà jáde lóòótọ́. Ní oṣù Kẹfà, oníbàárà kan wọ gáùn yẹn lọ síbi iṣẹ́. Bó ṣe ń bọ́ sílẹ̀ nínú Máíkírà ní Dùgbẹ̀ ni òjò ṣú lé e lórí, kó sì tó dé abẹ́ òrùlé, ó ti rẹ gbindingbindin. Àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ wọlé lálẹ́ ọjọ́ náà: «Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Aṣọ yín dára, mi ò sọ pé kò dára. Ṣùgbọ́n òjò pa mí lónìí, gbogbo ohun tó wà lábẹ́ aṣọ mi làwọn èèyàn rí. Ẹ sì kọ ọ́ pé aṣọ òjò ni.»

Ìlà tó kẹ́yìn yẹn ló dùn mí. Ká ní ó bú mi ni, ó ṣeé ṣe kí n rí nǹkan sọ. Mo padà lọ ka ohun tí mo kọ. Ọ̀rọ̀ náà dùn, ṣùgbọ́n kò sí ẹyọ kan nínú rẹ̀ tó sọ̀rọ̀ nípa aṣọ náà. Kò sọ pé òwú ni. Kò sọ pé kò ní láínìn. Kò sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí omi bá kàn án, bẹ́ẹ̀ omi nìkan ni ohun tó yẹ kí aṣọ òjò mọ̀ nípa rẹ̀. Inú ọ̀gbẹlẹ̀ la ti ya fọ́tò náà, inú ọ̀gbẹlẹ̀ ni mo ti kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, páìpù àbúrò mi ò sì débi tí aṣọ fi máa tutù.

Mo dá owó rẹ̀ padà. Lọ́jọ́ kejì mo bu omi sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, mo gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Àṣírí òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ò le. Nígbà tó bá gbẹ, afẹ́fẹ́ ló kún àárín àwọn fọ́nrán rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó bá wọ ibẹ̀ á máa ta síhìn-ín sọ́hùn-ún láàárín fọ́nrán àti afẹ́fẹ́, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń já sí òdìkejì. Ìdí nìyẹn tí aṣọ fi ń bò wá. Tí omi bá gba àyè afẹ́fẹ́, ìmọ́lẹ̀ ò ní ta kiri mọ́ tó bẹ́ẹ̀, á gba inú aṣọ kọjá lọ bá ara, á sì padà wá sójú ẹni tó ń wò. Aṣọ funfun àti àwọn tó fara jọ ọ́ ló burú jù, nítorí kò sí aró tó máa gbé ìmọ́lẹ̀ mì nínú wọn. Aṣọ aláró dúdú, tàbí èyí tí bátànì kún inú rẹ̀, máa ń gbìyànjú díẹ̀.

Mi ò nílò ẹ̀rọ kankan láti mọ èyí. Ẹ ki ọwọ́ yín bọ abẹ́ aṣọ náà nígbà tó gbẹ, kí ẹ na ìka máràrùn-ún. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi, kí ẹ fún un, kí ẹ tún ki ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀. Tí ẹ bá lè ka èékánná yín láti òkè, aṣọ yẹn ò lè dá jáde nínú òjò. Pẹ̀lú gáùn aláwọ̀ ògì yẹn, mo rí òrùka mi, mo sì rí ilà tó wà lára òrùka náà.

Àbúrò mi ní ká ṣáà fi láínìn sí gbogbo rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ parí. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀, títí tí a fi sá aṣọ. Mo gé yáàdì kọ̀ọ̀kan, mo gbé e sórí òṣùwọ̀n tí mo fi ń wọn ìyẹ̀fun. Yáàdì ànkárá kan jẹ́ gíráàmù 130, yáàdì òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ jẹ́ gíráàmù 74. A rẹ wọ́n, a fún wọn, a sá wọn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ kan nínú oṣù Keje tí oòrùn ò yọjú rárá, irú ọjọ́ tí ògiri gan-an ń làágùn. Òwú gbẹ láàárín wákàtí márùn-ún. Ànkárá gbà tó mẹ́sàn-án. Gáùn òwú tí a fi láínìn sí, tí aṣọ méjì lẹ̀ mọ́ra wọn tí atẹ́gùn ò rí àyè wọ àárín, ọ̀rinrin ṣì wà ní abíyá rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ mọ́. Nígbà tí mo gbé e sí imú, ó ti ń rùn.

Gbogbo wa la mọ òórùn yẹn. Kì í ṣe pé a ò fọ aṣọ náà mọ́. Àwọn kòkòrò tín-tìn-tín tí ojú ò rí ló ń pọ̀ sí i nínú ọ̀rinrin, bí aṣọ bá sì ṣe pẹ́ tó kó tó gbẹ ni wọ́n ṣe ń rí àyè tó. Tí ọ̀rinrin náà bá wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù fún ọjọ́ mélòó kan, aṣọ á bu, àmì dúdú wínníwínní á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lára rẹ̀, èyí tí ọṣẹ ò ní lè mú kúrò tán.

Nítorí náà láínìn ń tọ́jú ìtìjú, ó sì ń bí òórùn. Ohun tí a wá ṣe ni pé a yọ láínìn kúrò, a rán yẹ̀rì òwú kan lọ́tọ̀ sí gáùn kọ̀ọ̀kan. Téèyàn bá délé, á bọ́ méjèèjì, á sá wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kò sí fọ́tò tó lè fi yẹ̀rì hàn, abẹ́ aṣọ ló wà. Ọ̀rọ̀ ló máa sọ ọ́. Ibẹ̀ ni mo ti rí iṣẹ́ mi gan-an: ohun tí ojú ò lè rí nínú fọ́tò ni kí n kọ. Àwọ̀ aṣọ, ojú ń rí i. Pé ọmọge náà rẹwà, ojú ń rí ìyẹn náà.

Fọ́tò máa ń parọ́ pẹ̀lú, pàápàá tó bá jẹ́ ti ànkárá. Ànkárá tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà kún fún sítáàṣì, ẹ fọwọ́ rà á, ẹ ó gbọ́ bó ṣe ń dún bíi ìwé. Tí ẹ bá fi rán síkẹ́ẹ̀tì gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ láìfọ̀ ọ́, síkẹ́ẹ̀tì náà á dúró fúnra rẹ̀ bí agbòjò tí wọ́n ṣí. Ọmọge á wọ̀ ọ́, ayafọ́tò á yà á, gbogbo ayé á fẹ́ ẹ. Oníbàárà á rà á, á fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, sítáàṣì á bá omi lọ, síkẹ́ẹ̀tì á wálẹ̀ sí i lẹ́sẹ̀. Kò sẹ́ni tó jà á lólè, ṣùgbọ́n ohun tó rà kọ́ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn. Láti ọdún kejì, a máa ń fọ gbogbo aṣọ kí á tó ya fọ́tò rẹ̀. Ayafọ́tò wa ráhùn pé kò dúró dáadáa mọ́ nínú àwòrán. Òótọ́ ló sọ.

Nígbà tí mo ti fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ ànkárá: àwọn tó kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ ọ̀rọ̀ abẹ́ aṣọ ní ìhà ọ̀dọ̀ wa níbí kò ní ìwé àfihàn kankan. Àwọn ìyá aláṣọ inú ọjà ni. Aṣọ náà, àwọn ará Yúróòpù ló ń fara wé bàtíìkì àwọn ará Jáfà. Ilé iṣẹ́ Vlisco tó wà ní Helmond ní orílẹ̀-èdè Netherlands ti wà láti ọdún 1846. Ohun tó máa ń wà lára aṣọ bẹ́ẹ̀ láti ilé iṣẹ́ ò ju nọ́ńbà lọ. Àwọn ìyá ọjà, bí àwọn tí wọ́n ń pè ní Nana Benz ní Lomé, ló ń sọ ọ́ lórúkọ, aṣọ tó bá sì lórúkọ ló ń tà. Bátànì kan wà tó jẹ́ òbìrìkìtì nínú òbìrìkìtì, tó kún fún àmì tóótòòtó. Nsu Bura làwọn ará Gánà ń pè é, ìyẹn kànga omi. Àwọn mìíràn rí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù nínú rẹ̀. Aṣọ kan náà ni, bátànì kan náà. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú orúkọ wọ̀nyí ni pé wọn ò yin aṣọ náà. Wọ́n kàn sọ ohun tí ojú rí, wọ́n sì dá a dúró.

Bátànì yẹn la fi ṣe aṣọ keje nínú ìwé tọdún yìí, ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ ló sì gba àkókò mi jù. Gáùn ni. Òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ aláwọ̀ búlúù fífẹ́ẹ́rẹ́ ni ara rẹ̀, ànkárá olóbìrìkìtì ni apá rẹ̀ àti bèbè ìsàlẹ̀ rẹ̀, bèbè náà sì fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 20. Kànga omi ní etí aṣọ òjò: ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ti kọ ara rẹ̀ tán? Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ nìyẹn: «Gbé kànga wọ̀, kí òjò wá bá ọ.» Inú mi dùn sí i fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Mo gbé e lọ sí ìdí bọ́kẹ́ẹ̀tì. Mo ya igun mẹ́rin tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 50 lóròó àti 50 ní ìbú sára aṣọ méjèèjì, mo fi òwú dúdú rán ojú ìlà náà kí omi má baà pa á rẹ́. Mo fọ̀ wọ́n, mo sá wọn, mo lọ̀ wọ́n, mo sì fi téèpù wọ̀n wọ́n. Ní ọ̀nà tó máa yí ara po nínú gáùn náà, ànkárá ti di 48.5, òwú ti di 47.5. Ìyẹn ni pé nínú sẹ̀ǹtímítà 100, ànkárá súnkì ní 3, òwú súnkì ní 5. Tí ẹ bá gbọ́ ọ lásán, kò tó nǹkan.

Ẹ wá gbé e wá sí ojú ìrán tí méjèèjì ti pàdé. Etí gáùn yẹn fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 160. Tí òjò bá pa á tàbí tí wọ́n bá fọ̀ ọ́, òwú á di 152, ànkárá á di 155. Sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta ànkárá ò ní ríbi lọ mọ́, abẹ́rẹ́ ti dè é mọ́ òwú. Á bẹ̀rẹ̀ sí í ká jọ ní ojú ìrán, bí ẹnu àpò tí wọ́n fa okùn rẹ̀. Àyọ́nù ò lè tún un ṣe. Oníbàárà á rò pé tẹ́lọ̀ ló rán an burúkú, bẹ́ẹ̀ tẹ́lọ̀ ò ṣẹ̀. Ohun tó wà ńbẹ̀ ò ju pé kí á rẹ aṣọ méjèèjì, kí á sá wọn, kí á sì lọ̀ wọ́n kí sísọ́ọ̀sì tó kàn wọ́n. Ọjọ́ méjì ló ń gbà nínú ọ̀gbẹlẹ̀. Nínú òjò, ẹ má bèèrè.

Aró ló kù. Mo di gígé ànkárá kan pọ̀ mọ́ gígé òwú funfun, mo rẹ wọ́n sínú omi ọṣẹ lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Nígbà tí mo tú wọn, òwú funfun ṣì funfun. Inú mi dùn, mo fẹ́ kọ ọ́ pé kì í ṣí. Màmá wa ló jókòó tì mí, ó ń bó ẹ̀gúsí. Ó ní, «Ìwọ ń rẹ ẹ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ta ló ń bọ́ aṣọ tí òjò pa tó sì ń sá a lọ́gán? Inú báàgì ni wọ́n á rún un mọ́ títí di ọjọ́ kejì.»

Mo tún dì í pọ̀, mo rún un tútù tútù sínú náílọ́ọ̀nù, mo fi sílẹ̀ di àárọ̀. Òbìrìkìtì mẹ́ta ti jókòó sára òwú funfun náà, aláwọ̀ búlúù, wọ́n hàn bí ẹni tẹ òǹtẹ̀.

Màmá ní kí n fi iyọ̀ sí omi tí n bá ń fọ̀ ọ́. Gbogbo ilé tí mo mọ̀ ló ń sọ bẹ́ẹ̀, n kò sì bá Màmá jiyàn, ṣùgbọ́n mi ò kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò. Iyọ̀ máa ń ran aró lọ́wọ́ láti wọ inú òwú nígbà tí wọ́n bá ń rẹ aṣọ láró. Aṣọ tí wọ́n ti tẹ̀ tán, tí aró tó ṣẹ́ kù lára rẹ̀ ń wá ibi tó máa gbà jáde, iyọ̀ ò lè dá a dúró. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni omi tútù, kí ẹ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ fún ìgbà méjì tàbí mẹ́ta àkọ́kọ́, kí ẹ má sì fi í sílẹ̀ ní tútù tí a ká mọ́ra. A tún pààrọ̀ òwú gáùn náà. Búlúù fífẹ́ẹ́rẹ́ yẹn kò ní fi àbààwọ́n pamọ́, a mú búlúù tó ṣú díẹ̀ sí i, èyí tó tún yanjú ọ̀rọ̀ kíka èékánná láti òkè. A wọn òwú tuntun náà bákan náà, a sì rẹ òun àti ànkárá kí á tó gé wọn.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ náà hàn yín bó ṣe wá rí, lẹ́yìn nǹkan bíi ìgbà mẹ́fà tí mo pa á rẹ́:

«7. Gáùn Ibùdókọ̀. Òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni ara rẹ̀, ànkárá olóbìrìkìtì ni apá àti bèbè ìsàlẹ̀. Ìṣẹ́tí rẹ̀ jìnnà sí ilẹ̀ ní ínṣì 11 lára ẹni tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 5 àti ínṣì 6, ẹrẹ̀ ò ní tètè bá a. Tí òjò bá pa á, á lẹ̀ mọ́ ara, ṣùgbọ́n kò ní fi inú hàn. Yẹ̀rì rẹ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀, ẹ wọ̀ ọ́. Ara rẹ̀ á gbẹ ṣáájú bèbè rẹ̀. Ẹ fi omi tútù fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ nígbà mẹ́ta àkọ́kọ́. Ẹ má fi sínú náílọ́ọ̀nù ní tútù di ọjọ́ kejì: ànkárá rẹ̀ á ṣí sí i lára. A ti fọ aṣọ rẹ̀ kí á tó gé e.»

Àbúrò mi kà á, ó ní, «Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kọ ọ́ pé á ṣí? Ṣé ẹ fẹ́ tà á ṣá?» Ẹ̀rù bà mí náà. Mo yọ gbólóhùn yẹn, mo fi padà, mo tún yọ ọ́. Mo rántí ẹni tó bọ́ sílẹ̀ ní Dùgbẹ̀, mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí mi ò kọ ni pé kò ní súnkì mọ́ láéláé. Fífọ̀ ẹ̀ẹ̀kan ló mú èyí tó pọ̀ jù kúrò, kò mú gbogbo rẹ̀.

Ẹ ó ṣàkíyèsí pé nítorí bí aṣọ ṣe jìnnà sí ilẹ̀ ni mo ṣe sọ gíga ọmọge inú fọ́tò. Àwọn tó ń kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò tẹ́lẹ̀, sáìsì tó wọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ìyẹn náà tó. Nínú òjò, ohun tí èèyàn fẹ́ mọ̀ ni bóyá òun á máa káṣọ sókè tí òun bá fẹ́ fo gọ́tà. Gíga òun alára ló máa fi ṣírò rẹ̀.

Ìjàǹbá kan tún wà tí kò ní í ṣe pẹ̀lú omi. Ẹni tó ń to ìwé náà fún wa fi irú lẹ́tà kọ̀ǹpútà ẹlẹ́wà kan kọ àkọlé, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ẹsẹ̀ lékeléke. Lẹ́tà náà ò mọ èdè wa. Àmì ìsàlẹ̀ kò sí nínú rẹ̀, àmì ohùn kò sí. «AṢỌ ÒJÒ» tí mo fi ránṣẹ́ padà wá sílé gẹ́gẹ́ bí «ASO OJO». Mo ti fi í sórí Ínsítágíráàmù kí n tó rí i. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan ló kọ́kọ́ dáhùn: «Ọmọ mi, ojo wo ló ń ra aṣọ lọ́wọ́ yín?» Àwọn mìíràn bá a dá sí i. Ẹnì kan ní Òjó ni orúkọ bàbá òun, ṣé aṣọ bàbá òun la ń tà.

A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú ìwé náà ò dáa tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ apá aṣọ tí mo kọ, «ọwọ́ gígùn», ti di nǹkan tí ẹnu ò lè kà, àpótí òfìfo sì gba ipò «ẹ́» níbi tí àmì méjì ti pàdé lára álífábẹ́ẹ̀tì kan. «Ẹ» àti «ọ» lásán, ọ̀pọ̀ irú lẹ́tà kọ̀ǹpútà ló ní wọn. Èyí tó ní àmì ìsàlẹ̀ tó tún ní àmì ohùn lórí ni wọn kì í ní ní odidi, àmì ohùn náà ni ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ gbé lé e lọ́tọ̀, lẹ́tà tí wọn ò ṣe fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ á sì gbé e síbi tí kò yẹ. Báyìí, kí n tó gbà lẹ́tà èyíkéyìí, mo máa ń ní kí wọ́n fi í kọ «ẹ̀wù ọlọ́wọ́ṣíkí» fún mi. Èyí tó bá kọ ìyẹn tán láìṣubú, a lè jọ ṣiṣẹ́.

Kí á tó tẹ ìwé tọdún yìí, mo fi ọ̀rọ̀ aṣọ keje ránṣẹ́ sí oníbàárà Dùgbẹ̀ yẹn. A ti di ọ̀rẹ́ láti ọjọ́ náà, ó sì ti ra aṣọ mẹ́ta lọ́wọ́ wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ra funfun mọ́. Mo ní kó bá mi kà á bí ẹni tí òjò ń bọ̀ wá pa. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó fèsì.

«Àǹtí, ó dáa. Ó yé mi ju ti ìjọ́sí lọ. Ṣùgbọ́n ẹ ò sọ nípa àpò. Tí òjò bá dé, ọwọ́ kan á di agbòjò mú, èkejì á ká aṣọ sókè. Fóònù mi ńkọ́?»

Mo ka ọ̀rọ̀ mi láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo wo fọ́tò. Mo dìde lọ wo gáùn fúnra rẹ̀ lórí hángà, mo fọwọ́ tọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ọ̀tún, mo tọ òsì. Àbúrò mi ń wò mí láti ìdí tábìlì tó ti ń gé aṣọ. Kò sọ nǹkan kan. Ó wá dìde, ó mú ọ̀bẹ kékeré tó fi ń tú ìrán, ó gba gáùn náà lọ́wọ́ mi.